Réètì Tí Ẹgbẹ́ Wa Dìbò Fún

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá dìbò lórí iye tí pọ́n-ùn kan gbọ́dọ̀ jẹ́. Mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n nawọ́, akọ̀wé ka ọwọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé láti òní lọ, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni pọ́n-ùn kan nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń dìbò lórí owó àga àti owó ìkómọ náà ni wọ́n ṣe dìbò lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ká ní mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí ni, mi ò bá má rẹ́rìn-ín.

Kí n má bù wọ́n kù, wọ́n ní ìdí. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní ìlú ọba máa ń dá owó jọ lóṣooṣù, igba pọ́n-ùn, kò lé kò dín, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé fún àwọn opó ẹgbẹ́. Opó mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí igba pọ́n-ùn náà bá ti dé Àbújá, iye náírà tó ń dà kì í dọ́gba. Oṣù yìí ó lé, oṣù tó ń bọ̀ ó dín, ó tún lé. Oṣooṣù ni ìjà. Ẹnì kan bá dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ fi òfin de iye náà mọ́lẹ̀, pé bí iye bá ti dúró lójú kan, ìjà tán nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tí wọ́n fi òfin náà lé lọ́wọ́ ni akápò, nítorí orúkọ rẹ̀ ni owó fi ń wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi owó irú bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ kì í san án fún ẹgbẹ́, ènìyàn tó ní káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ń san án fún. Akápò náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Màmá ni mò ń pè é, nítorí òun ló mú mi wá sí Àbújá nígbà tí ìyá mi kú, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Yàrá méjì ló ní ní Kábùsà, ó fi ọ̀kan fún èmi nìkan. Ṣọ́ọ̀bù abọ́ ike tó ní nínú ọjà Wúsè ló fi rán mi níwèé títí mo fi di ẹni tó ń wọ bàtà gíga lọ síbi iṣẹ́. Opó ni òun náà. Ẹgbẹ́ ló kọ lẹ́tà ìdúró fún un lọ́dọ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá sì yọ ọwọ́ kúrò nínú lẹ́tà náà, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn.

Báǹkì kan ní Wúsè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó lójú fèrèsé, kí n máa san owó tó bá ti òkè òkun wá fún àwọn tó ni ín. Lóṣooṣù ni Màmá máa ń wá tò síwájú mi bíi gbogbo ènìyàn, kì í pè mí lórúkọ níbẹ̀. Á na nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i àti káàdì rẹ̀ sí mi, màá san owó rẹ̀, màá fún un ní rìsíìtì, á ká a sí mẹ́rin, á fi sínú àpò. Èmi kì í lọ sípàdé ẹgbẹ́. Mo ní àwọn àgbà máa ń fi wákàtí mẹ́ta sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni inú mi kì í pẹ́ ru.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, pọ́n-ùn ya wèrè. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́, tó ń tún fóònù ṣe, ní àbúrò ní ìlú ọba. Àbúrò yìí ló sọ fún un pé pọ́n-ùn ti kọjá ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ariwo sọ nípàdé. Wọ́n ní àwọn ń fi ẹgbẹ̀rún kan tan ara àwọn jẹ. Wọ́n tún dìbò, wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún méjì. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí náírà gbé ara ńlẹ̀. Igba pọ́n-ùn dé, ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó náírà ni wọ́n san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá gbé ohun tí mo san fún un lọ sípàdé. Wọ́n fi òfin wọn ṣírò, wọ́n ní ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà ti sọnù sí i lọ́wọ́. Opó mẹ́ta ò rí nǹkan kan gbà lóṣù náà. Wọ́n fún Màmá ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí kò bá mú owó wá, wọ́n á kọ̀wé sí oníṣọ́ọ̀bù pé àwọn kò dúró fún olè.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìpàdé náà ló sọ fún mi. Ó ń bó ẹ̀wà níwájú ilé, kò gbójú sókè. Ó ní, "Wá bá mi ṣàlàyé fún wọn bí owó yẹn ṣe ń ṣe. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń gba ara mi sílẹ̀." Mo gbaná jẹ. Ìyá tí kì í gba abọ́ ike tó sán lọ́wọ́ oníbàárà láìdá owó rẹ̀ padà, òun ni wọ́n ń pè lólè. Mo ní màá lọ, màá sì sọ ọ́ fún wọn débi tí kò ní sí ẹni tó máa lanu mọ́. Mo rántí pé ó wò mí nígbà náà, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì tún padà sórí ẹ̀wà rẹ̀. Èmi rò pé ó ń dúpẹ́ ni.

Iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Gàládímáwà ni wọ́n ti máa ń ṣèpàdé, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ náà ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àga ọmọdé ló wà níbẹ̀. Àwọn bàbá tó wọ agbádá sì fún ara wọn sórí àga pupa àti àga aláwọ̀ ewé, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn opó jókòó lọ́wọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá máa ń jókòó láàárín wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tó kù lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, àpò ni wọ́n gbé lé e. Ó lọ jókòó lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn.

Alága, awakọ̀ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n sọ ohun tí mo wá sọ, kí n má pẹ́. Kí n tó dìde, ọkùnrin alátùn-ún-fóònù-ṣe ti na fóònù rẹ̀ sókè. Ó ní òun kò fẹ́ àròyé. Ó ní réètì ọjọ́ tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ rèé lórí ẹ̀rọ, ó ju ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó lọ dáadáa, kí ni àlàyé tún kù. Àwọn kan fi Haúsá gbè é, wọ́n ní yáuwà. Ẹnì kan ní kai, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo dìde. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní báǹkì, mo sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́rin márùn-ún léra wọn, mo sì rí i pé ojú wọn ti kúrò lára mi. Opó kan ti ń wo ìta. Mo bá ju ìyẹn nù. Wọ́n ń tajà ni gbogbo wọn, ọjà ni mo sì fi bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin òbí mi, ọjà ni pọ́n-ùn. Náírà la fi ń rà á. Bí àwọn tó ń wá a bá pọ̀ ju àwọn tó ní in lọ́wọ́ lọ, á wọ́n. Bí àwọn tó ní in bá kó o jáde, á wálẹ̀. Ẹ wo tàtàṣé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ata mẹ́rin bá já lẹ́ẹ̀kan náà láti ọ̀nà Kàdúná, ṣé ẹgbẹ́ kan wà tó lè dìbò pé kí apẹ̀rẹ̀ ata má wálẹ̀?"

Bàbá kan tó ń ta ata ní Wúsè láti ìgbà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí ọ̀nà iwájú ọjà ló jókòó lápá ọ̀tún mi. Ó mi orí. Nígbà tí mo rí i pé ó mi orí, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Mo sọ fún wọn àwọn tó ń wá owó òkèèrè: àwọn tó ń kó ọjà wọlé, àwọn tó ń san owó iléèwé ọmọ wọn lókè òkun, àwọn tó ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀. Mo sọ àwọn tó ń mú un wá: ìjọba tó ń ta epo rọ̀bì, àwọn òyìnbó tó ń kó owó wá gba èlé lọ́dọ̀ wa, àti àwọn ọmọ wa tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Mo ní bí báǹkì àgbà bá gbé èlé sókè, tó sì tún ta dọ́là díẹ̀ sọ́jà, àwọn òyìnbó á kó owó wọn wọlé, dọ́là á pọ̀, náírà á gbára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu oṣù méjì yìí nìyẹn. Mo tún ní dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń díwọ̀n náírà, àti pé pọ́n-ùn àti dọ́là fúnra wọn ń bára wọn gòkè sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà bí náírà kò tilẹ̀ mira lọ́dọ̀ dọ́là, iye pọ́n-ùn ṣì lè yí padà láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí alátùn-ún-fóònù-ṣe. Mo ní iye tó wà lórí fóònù rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa tà á fún un ní iye yẹn. Iye tí àwọn báǹkì ńlá fi ń ṣòwò láàárín ara wọn ni. Iléeṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jèrè, inú réètì ló sì ti ń bu púpọ̀ nínú èrè náà, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ méjì fi lè san iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó ní òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo mọ̀ pé kò mọ̀. Ó yẹ kí n fi ìyẹn sínú, àmọ́ inú mi ṣì ń ru.

Akọ̀wé béèrè bóyá Màmá ni kò tètè lọ gba owó náà tí iye fi bọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ohùn mi wálẹ̀ nígbà tí mo dá a lóhùn.

"Rárá o, sà. Owó tí a ó san ní náírà, àkókò tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún fọwọ́ sí i ni iye rẹ̀ ti dúró. Wọ́n á ti fi iye náírà hàn án kó tó fi ránṣẹ́. Iye yẹn náà la máa san, ì báà jẹ́ lọ́la, ì báà jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi tí mo jókòó lójú fèrèsé ò lè fi kọ́bọ̀ kan kún un. Màmá tó wá gbà á ò lè yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, kó má hàn lórí rìsíìtì."

Wọ́n mú rìsíìtì oṣù náà wò. Ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Iye wà lórí rẹ̀ kedere, ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó. Mo rí i tí ojú wọn ń rọ̀. Opó kan gbé àpò kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága ní, "Họ́wù." Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Ká ní mo jókòó nígbà náà ni, ì bá dára. Ìwọ̀nba tí Màmá ní kí n ṣe nìyẹn, mo sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń fojú ọmọdé wò mí ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sì dùn mọ́ mi dé egungun. Mo ní kí n fi ọ̀kan sí i kún un. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé dìbò-dìbò wọn kò mọ́gbọ́n wá. Mo ní, "Láti ìgbà Iléyá tó kọjá ni pọ́n-ùn ti ń gòkè lóṣooṣù, kò sí oṣù tí kò fi lé sí i, títí di ìgbà tó tó wálẹ̀ yìí..."

Ẹnu ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Mo wo ẹ̀yìn. Màmá ń wò mí, kò mira. Mo rántí gbogbo oṣù tó tò síwájú mi, mo rántí pé iye tí mo san fún un lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ń pọ̀ sí i, nígbà tí òfin ẹgbẹ́ ṣì wà lórí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀rún kan péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé lọ sípàdé. Èmi ni mo san owó náà, mi ò sì rò ó wò rí, nítorí òfin ẹgbẹ́ wọn, ohun ẹ̀rín ni mo kà á sí.

Ọ̀nà ṣì wà. Mo lè wúkọ́, kí n ní kí Ọlọ́run bùkún ìpàdé, kí n jókòó. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn náà ti wà lẹ́nu mi, wọ́n sì ń wò mí bí ọ̀mọ̀wé. Mo parí rẹ̀. Mo ní, "...nítorí náà, òfin tí ẹ ṣe kò bá ọjà mu ní oṣù kan ṣoṣo rí." Mo sì jókòó.

Bàbá aláta kò pàtẹ́wọ́ tirẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ lé àgbọ̀n, ó ń ronú. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ alága, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Ọmọ mi, o ṣeun. O mú un yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Bí mo bá rán ènìyàn lọ bá mi ta ata, tí ata wálẹ̀, kò ní san ohun tó dín fún mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ata bá gòkè, ta ló ni gígòkè?"

Gbogbo orí yí padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè yí tèmi.

Màmá dìde. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú ìdì rìsíìtì kan jáde tó fi rọ́bà dì, kò sí ọ̀kan tó sọ nù nínú wọn. Ó rìn wá síwájú, ó gbé e lé tábìlì alága. Ó ní, "Gbogbo wọn rèé." Akọ̀wé fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe é lójú gbogbo ènìyàn, oṣù méje, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó lé lórí ẹgbẹ̀rún kan nínú oṣù méje náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n ní ó jí. Alátùn-ún-fóònù-ṣe fẹ́ dìde, bàbá aláta dì í lágbádá mú, ó jókòó padà.

Èmi ni mo tún fò sókè. Ìbínú ni tàbí ẹ̀rù, mi ò mọ̀. Mo ní wọn kò lè jẹ ẹran kí wọ́n tún jẹ awọ. Mo ní bí òfin bá jẹ́ òfin, kí Màmá san ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún tó dín, kí ohun tó lé sì jẹ́ tirẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹgbẹ̀rún kan ni àwọn fẹ́, ó sì fún wọn ní ẹgbẹ̀rún kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé iye ọjà ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé, kí wọ́n dárí ohun tó dín jì í, kó sì dá ohun tó lé padà. Ọ̀kan ni kí wọ́n mú. Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ náà sì gún ibi tí mi ò fẹ́ kó gún.

Alága fọwọ́ nu ojú. Ó ní ọmọ yìí ti sọ̀rọ̀, pé òun kò ní dìbò lórí èyí. Ó kọjú sí Màmá, ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ máa mú un, mà. Èyí tí ẹ bá mú la ó gbà."

Gbogbo wa la mọ èyí tó sàn fún un. Bó bá di òfin mú, ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún péré ló máa san, ìyókù á sì jẹ́ tirẹ̀ láìsí ẹni tó lè bi í léèrè. Mo ń gbàdúrà nínú pé kó mú òfin. Ó wo ọ̀dọ̀ fèrèsé, níbi tí àwọn opó jókòó sí.

Ó ní, "Mo fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi owó kún un lójijì, mo ní màá dá a padà nígbà tí ọjà bá yá, ọjà ò yá. Owó opó ni. Èmi náà opó ni, mo mọ ohun tí wọ́n ń retí rẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dúró. Màá san án."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò gùn. Wọn kò kọ̀wé sí oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò akápò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fagi lé òfin réètì, wọ́n ní láti ìsinsìnyí, rìsíìtì ni wọ́n á máa kà sókè lójú gbogbo ènìyàn. Màmá fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ nígbà tí ọdún tó san owó rẹ̀ pé, kó lè rí owó san. Ó kó abọ́ rẹ̀ lọ sórí tábìlì kan létí ọ̀nà ní Kábùsà. Mo ní kí n bá a san nínú gbèsè náà, ó kọ̀. Mo gbé owó sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá a nínú àpò mi.

Ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà ni mi ò lè gbàgbé. A wọ kẹ̀kẹ́ láti oríta Gàládímáwà, àwa méjì nìkan lẹ́yìn. Kò dà bíi pé ó ń bínú. Ó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní kó má bínú. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó fi ọwọ́ kan orúnkún mi, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá ń parọ́.

Ó ní, "Mo rí ọ nígbà tó yé ọ. O dúró díẹ̀, o wò mí. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ mi á jókòó báyìí." Kẹ̀kẹ́ gun òkúta, Màmá dúró kí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. "Mi ò dá ọ lẹ́bi. Àtẹ́wọ́ máa ń dùn."